Ìgbà Tí Iṣẹ́ Bá Wọlé Ni Ìkọ̀wé Ń Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Òṣìṣẹ́ Oṣù Tó Tún Ń Ṣòwò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda àkókò yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, tó sì ní òwò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe lè máa fi ọ̀rọ̀ síta lórí ayélujára déédéé, tí kò ní ṣe é fún oṣù méjì kó wá dákẹ́. Ibi kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ dúró sí lónìí, ìyẹn ibi tí okùn náà ti máa ń já.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀lẹ ló ń fà á, tàbí pé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe rí i. Ìkọ̀wé kì í sábà kú nígbà tí kò tíì mú ẹnikẹ́ni wá. Ìgbà tó bá mú oníbàárà wá ló ń kú. Ẹni náà á kọ ọ̀rọ̀ tó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn tó kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, iṣẹ́ á wọlé, wákàtí tó fi ń kọ̀wé á sì di wákàtí tó fi ń ṣe iṣẹ́ tó wọlé. Ojú ewé rẹ̀ á wá dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó bá fi máa parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tuntun tó ń bọ̀ mọ́, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbúròó rẹ̀. Á tún wá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀.

Ẹni tí kò ní iṣẹ́ oṣù lè fi òru kún ọ̀sán títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dilẹ̀. Òṣìṣẹ́ oṣù ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí wákàtí iṣẹ́ kò ṣeé gé, ọ̀gá ń retí rẹ̀. Oníbàárà náà ń retí aṣọ tàbí ohun yòówù tó san owó fún. Nínú nǹkan mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkọ̀wé nìkan ni kò ní ẹni tó máa bi í pé "ibo lo bá a dé?" Òun ló fi máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo máa sọ lónìí, bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀ ni, kó lè máa jáde nìṣó nígbà tí iṣẹ́ bá dé, kì í ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó níléeṣẹ́ kan, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, àti lópin ọ̀sẹ̀, aṣọ obìnrin ló ń rán fún àwọn oníbàárà. Ó fẹ́ máa kọ̀wé nípa iṣẹ́ ìránṣọ: ìdí tí aṣọ fi ń fà níbì kan, bí a ṣe ń mọ̀ pé ó bá ara mu, ohun tó ṣeé tún ṣe àti ohun tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Iṣẹ́ oṣù rẹ̀ ní àsìkò líle tirẹ̀, ìyẹn ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, nígbà tí wọ́n bá ń pa ìwé owó dé. Òwò rẹ̀ náà ní tirẹ̀, ìyẹn àsìkò tí ayẹyẹ bá pọ̀.

Ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye àkókò tí àtẹ̀jáde kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní tòótọ́. Tí ẹ bá bi í, á ní ìṣẹ́jú 45. Àsìkò tó fi jókòó tẹ ọ̀rọ̀ nìkan ló kà yẹn. Kò ka ìṣẹ́jú 15 tó fi ń wá àwòrán nínú fóònù, tó ń gé e, tó ń tún un ṣe. Kò ka ìṣẹ́jú 25 tó fi kà á padà tó sì fi tún un kọ. Kò ka ìṣẹ́jú 10 tó fi gbé e sójú ewé. Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù lọ ni ìdáhùn: láàárín ọjọ́ méjì tí ọ̀rọ̀ bá jáde, ìbéèrè àwọn tó kà á á gba ìṣẹ́jú 25 mìíràn. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 120 ni. Wákàtí méjì gbáko ni àtẹ̀jáde kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú 45. Iye tèmi lè yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má ṣe gba tèmi lò. Ẹ fi aago ka àtẹ̀jáde yín mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ kọ iye àkókò sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ, ìdáhùn pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá ka ti ìdáhùn mọ́ ọn, ètò rẹ̀ ti wó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá wo iye wákàtí tó ní. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ oṣù gba 40, àlọ àti àbọ̀ gba 10, ó ku 118. Oorun wákàtí méje lálẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 49, ó ku 69. Ilé, ìdílé, oúnjẹ, ìwẹ̀, ìjọsìn, ká fún wọn ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́, 35 nìyẹn, ó ku 34. Aṣọ rírán gba 20. Ó ku 14. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, torí wọ́n á ní wákàtí 14 lè gbé àtẹ̀jáde méje. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wákàtí 14 yẹn ò wà lójú kan. Ìṣẹ́jú 15 wà níhìn-ín, ogún ìṣẹ́jú wà lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀, lórí ìlà, nígbà tí a bá ń dúró de ẹnì kan. Ẹ lè fi irú rẹ̀ ka nǹkan tàbí kí ẹ fi dá ènìyàn lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi kọ ọ̀rọ̀ tó ní orí tó ní ìdí. Ohun tó yẹ kó kà ni àsìkò tó lè jókòó tí kò ní dìde. Ká ní ó rí wákàtí kan lálẹ́ Ọjọ́rú, tó sì rí wákàtí méjì láàárọ̀ Àbámẹ́ta kí àwọn oníbàárà tó dé. Mẹ́ta nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù, ó máa ṣeé ṣe kí ẹyọ kan péré kù.

Ẹ wá jẹ́ ká kó wọn pọ̀. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, ẹyọ kan: wákàtí mẹ́wàá lóṣù. Tí àtẹ̀jáde kan bá ń gba wákàtí méjì, márùn-ún ló lè ṣe. Mo ní kó fi mẹ́rin síta, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì fi ẹ̀karùn-ún pamọ́. Ká ní ó gba ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló dáa jù ńkọ́? Àtẹ̀jáde mẹ́jọ á gba wákàtí 16. Wákàtí mẹ́wàá ló ní. Ibo ló ti máa rí mẹ́fà tó kù? Yálà kó yọ ọ́ nínú oorun, tàbí kó yọ ọ́ nínú aṣọ oníbàárà. Fún oṣù kan, méjì, ó lè gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbèsè ni, á sì san án lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Èyí ló mú kí n sọ pé ìwọ̀n méjì ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì yàn wọ́n ṣáájú. Ìwọ̀n ìgbà tó rọrùn ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n ìgbà tó le ni ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Tí àsìkò ayẹyẹ bá dé, tí kò sì rí ju wákàtí kan lọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin lóṣù ṣì lè gbé àtẹ̀jáde méjì. Ìwọ̀n kejì yìí kì í ṣe ìkùnà. Ètò ni, torí ẹ ti yàn án nígbà tí orí yín pé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ojú bá ń pọ́n yín.

Ibi ìpamọ́ tí mo mẹ́nu bà yẹn, àká ni mo máa ń pè é, torí iṣẹ́ àká náà ló ń ṣe: ohun tí a kó síbẹ̀ nígbà tí ó pọ̀ la fi ń jẹun nígbà tí kò sí. Kí obìnrin yìí tó fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ síta, mo fẹ́ kí àtẹ̀jáde mẹ́rin ti wà nínú àká rẹ̀. Ìyẹn á gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò fẹ́ràn èyí, torí ara máa ń yá ènìyàn láti fi síta níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ara ń yá yẹn gan-an ló yẹ kó fi kún àká, nítorí kò sí ìgbà mìíràn tó tún máa rọrùn bẹ́ẹ̀ fún un.

Ohun tó wà nínú àká gbọ́dọ̀ parí pátápátá. Mo tẹnu mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń tan ara wọn jẹ. Ọ̀rọ̀ tó kù díẹ̀ kò sí nínú àká. Àkọlé, àwòrán, gbogbo ọ̀rọ̀, ìlà tó kẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, débi pé lálẹ́ ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Mo ti rí àwọn tó ní ogún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọn ò sì ní ẹyọ kan tó parí. Àká irú wọn ṣófo. Bákan náà, ohun tó máa ń bàjẹ́ kò yẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá dárúkọ iye owó, tàbí ayẹyẹ tó ń bọ̀, tàbí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tètè fi í síta tàbí kó má kọ ọ́. Èyí tó ń sọ ìdí tí apá aṣọ fi ń fà, ọdún tó ń bọ̀ náà á ṣì wúlò.

Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ewu ń bọ̀? Kó máa ka àká rẹ̀ láràárọ̀ Àbámẹ́ta. Tí ó bá jẹ́ mẹ́ta sókè, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Tó bá di méjì, kí ìjókòó méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ fún píparí èyí tó ti bẹ̀rẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Tó bá di ẹyọ kan, kó bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kó má dúró di òfo. Ẹni tó bá dúró di òfo, ìtìjú á wọ̀ ọ́, ìtìjú yẹn ló sì ń sọ ọ̀sẹ̀ kan di oṣù mẹ́ta.

Ẹ lè bi mí pé níbo ni ọ̀rọ̀ mẹ́rin lóṣù á ti máa jáde fún ẹni tí kò ráyè ronú. Inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Tó bá ní láti jókòó ronú ohun tó máa kọ, àkókò ti lọ. Ohun tí oníbàárà béèrè lánàá ni kó kọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Oníbàárà kan wá wọ aṣọ tó ń rán fún un wò. Ó gbé apá sókè, gbogbo ara aṣọ náà sì bá a gòkè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gé abẹ́ apá yìí sí i, ó ń fún mi." Ohun tí ọ̀pọ̀ rò nìyẹn, pé tí ihò apá bá jìn sí i, apá á rí àyè. Òdìkejì ni. Bí ihò apá bá ṣe ń sún mọ́ abíyá tó ni apá ṣe ń rọrùn-ún gbé. Bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó ni apá aṣọ ṣe ń fa ara aṣọ lọ́wọ́, torí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé ti jìnnà sí ibi tí apá ènìyàn ti ń tẹ̀. Tí ó bá gbà fún oníbàárà yẹn tó gé e sí i, ọ̀rọ̀ náà á burú sí i.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí, àtẹ̀jáde mẹ́ta ló wà. Èkínní ni ìdí tí ihò apá tó jìn fi ń fa aṣọ. Èkejì ni bí a ṣe ń dán an wò kí a tó fi ẹ̀rọ rán an: kí a fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán apá mọ́ ọn fẹ́rẹ́, kí oníbàárà gbé apá sókè, kó dì mọ́ ara rẹ̀, kó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń gbé nǹkan lórí tábìlì, kí a wo ibi tó ti fà. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ṣì ṣeé ṣe tí a bá ti gé e jìn jù: a lè fi ègé aṣọ kékeré kan sí abẹ́ abíyá, kí apá lè rí àyè gbé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò gbọ́dọ̀ wọ inú àtẹ̀jáde kan ṣoṣo. Ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, ohun tó lè jẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òǹkàwé náà ò sì ní rántí ju ọ̀kan lọ nínú rẹ̀.

Kí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn má bàa lọ, nǹkan méjì ló máa ṣe níbẹ̀. Tí oníbàárà bá gbà, kó ya àwòrán ibi tó ti fà, kí ojú oníbàárà má hàn, kó tún ya òmíràn lẹ́yìn àtúnṣe. Ìkejì, bí oníbàárà bá ṣe ń jáde ni kó ti gbé fóònù, kó fi ẹnu sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì: ohun tí oníbàárà sọ, ohun tí òun rí, ohun tí òun ṣe. Kó má dúró di alẹ́. Ní alẹ́, á rántí pé aṣọ fà, ṣùgbọ́n á ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu oníbàárà jáde, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló sì yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ àtẹ̀jáde náà. Àwọn ìṣẹ́jú wẹ́wẹ́ inú ọkọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibí ni wọ́n ti wúlò: kó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà, kó yan èyí tó máa kọ.

Ní ti ìjókòó fúnra rẹ̀, Ọjọ́rú wà fún títò ọ̀rọ̀ àti kíkọ ìdajì àkọ́kọ́. Nínú wákàtí méjì Àbámẹ́ta, kó kọ́kọ́ parí èyí tó ti sinmi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kó tó wá kàn èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́rú. Kó má kọ ọ̀rọ̀ kan kó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà, torí ojú á máa rí ohun tó ní lọ́kàn, kò ní rí ohun tó kọ. Tí àkókò bá tó, kó dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín gbólóhùn ló wà. Ṣùgbọ́n kó tó dìde, kó kọ ìlà kan sísàlẹ̀ fún ara rẹ̀: "ohun tó kàn ni bí a ṣe ń dán an wò, àwòrán kejì ni kí n lò." Láàárín Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, á ti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá, á ti ránṣọ, á ti sùn lẹ́ẹ̀mẹta. Láìsí ìlà yẹn, á lo ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láti wá ibi tó bá a dé, wákàtí méjì náà kò sì tó nǹkan tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹ kó jáde, torí ọ̀rọ̀ ọ̀gá wà nínú rẹ̀. Ohun èlò tó ń fi ọ̀rọ̀ síta fúnra rẹ̀ pọ̀. Meta Business Suite ń ṣe é fún Facebook àti Instagram. WordPress, tí àwọn kan fi ń gbé ojú ewé tiwọn kalẹ̀, náà ń ṣe é: tí ẹ bá yan ọjọ́ iwájú, bọ́tìnnì Publish á yí padà sí Schedule. Àwọn kan á wá tò ó sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí wọ́n gbọ́ pé ìgbà yẹn ni èrò pọ̀. Mo lòdì sí i fún òṣìṣẹ́ oṣù. Àkókò tó hàn lára àtẹ̀jáde náà wà láàárín wákàtí iṣẹ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé láti Àbámẹ́ta lẹ ti tò ó, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá rí i ò mọ̀, ẹ kò sì ní wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Yàtọ̀ sí èyí, ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ìbéèrè sábà máa ń pọ̀, inú ìpàdé sì ni ẹ máa wà. Ẹ tò ó sí ìgbà tí ẹ bá ti délé, lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí ìjókòó àti tí iṣẹ́ ò pọ̀, kí ẹ lè dáhùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó sùn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà, ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún wọn tó bá ní òwò mìíràn. Àwọn kan sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá fi kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ṣe, tiwọn ni. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kọ ìlà kan nínú rẹ̀, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán pàápàá.

Fún ẹni tó bá ń lo WordPress, ó ní ohun kan tó yẹ kó mọ̀. Kì í ṣe aago tó ń dá dún ló ń gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ tò síta níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbé e kalẹ̀, ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé yín ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan kan ti tó àkókò. Ojú ewé tuntun tí èrò ò tíì pọ̀ lè jókòó fún wákàtí bíi mélòó kan láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ fi fóònù yín ṣí i nígbà tí àkókò bá tó. Tí ẹ bá rí Missed schedule lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọlé náà nínú àkójọ, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹ sì yẹ Timezone wò lábẹ́ Settings, ní General, torí tí ìyẹn bá ṣì, alẹ́ tí ẹ ní lọ́kàn lè di ọ̀sán.

Mo fẹ́ padà wá síbi tí okùn ti ń já, ìyẹn ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọlé rẹpẹtẹ. Obìnrin wa yìí ń fi wákàtí 20 ránṣọ lọ́sẹ̀. Tí aṣọ kan bá ń gba wákàtí márùn-ún, mẹ́rin ló lè rán. Ká ní àtẹ̀jáde ihò apá yẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí aṣọ mẹ́jọ sì wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ á ti sọ fún un pé kó fi wákàtí Àbámẹ́ta rán aṣọ, ìkọ̀wé á dúró. Ẹ wò ó: wákàtí mẹ́ta tó bá gbà lọ́wọ́ ìkọ̀wé ò tó aṣọ kan. Ohun tó rí kò tó nǹkan, ohun tó sọnù sì pọ̀, torí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí lè má wá rán nǹkan títí di oṣù tó ń bọ̀. Àtẹ̀jáde tí kò jáde lọ́sẹ̀ yìí, àpò rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó yẹ kó yí padà ni ìlà tó kẹ́yìn nínú àtẹ̀jáde. Tí iṣẹ́ ọwọ́ bá ti tó mẹ́jọ, kó yé kọ "ẹ pè mí fún aṣọ yín". Kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ tuntun á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ báyìí, oṣù báyìí. Àwọn tó bá lè dúró á dúró, àwọn tí kò lè dúró ò ní fi ìpè da iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ rú. Lórí WhatsApp Business, kó fi ọ̀rọ̀ kan náà sínú Away message, kó sì ní ìdáhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú Quick replies fún ìbéèrè tó ń wá lójoojúmọ́. Èyí nìkan lè gé ìdá kan nínú ìṣẹ́jú 25 ìdáhùn yẹn, òun sì ni ìṣẹ́jú tó rọrùn jù láti gbà padà. Ní ti Status, tí kì í lò ju wákàtí 24 lọ, àwòrán kan láti orí tábìlì ìránṣọ ti tó o. Kó má fi wákàtí ìjókòó ṣe ohun tí á pòórá lọ́la.

Ìgbà kan wà tó gbọ́dọ̀ fi ìjókòó sílẹ̀ lóòótọ́: tí ọjọ́ tó ṣèlérí fún oníbàárà bá fẹ́ yẹ̀. Àdéhùn ṣáájú. Kó rán aṣọ náà, kí àtẹ̀jáde inú àká jáde dípò. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kó ju ìjókòó méjì léraléra lọ. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé mọ́. Iṣẹ́ tó gbà ló pọ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí ètò ìkọ̀wé kankan tó lè tún ìyẹn ṣe. Aṣọ tó ń gbà lọ́sẹ̀ ni kó dín kù, tàbí kó wá ẹni tó máa bá a gé aṣọ.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn kan wà tí ètò yìí ò bá mu. Tí ẹ bá ṣírò tí ẹ ò rí wákàtí kan tó dúró lójú kan lọ́sẹ̀, fún oṣù bíi mélòó kan, nítorí ọmọ ìkókó tàbí aláìsàn wà nílé, ẹ má bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ máa ya àwòrán, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́. Nígbà tí wákàtí bá wá, ohun tí ẹ máa fi kún àká ti wà nílẹ̀.

Tí àìsàn tàbí wàhálà ibi iṣẹ́ bá sì mú kí gbogbo rẹ̀ dúró, ẹ má fi àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá padà dé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òǹkàwé. Wákàtí méjì náà lẹ máa fi kọ ọ́, kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí aṣọ ṣe ń bá ara mu. Ẹ kọ́kọ́ kún àká dé mẹ́ta láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èyí tó kúrú jù nínú wọn síta lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ máa ń fi síta tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì wà lórí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì títí tí àká náà á fi padà di mẹ́rin.